Ẹlẹ́rìí Dà? Àtúpalẹ̀ Àkọsílẹ̀ Ara-ẹni Ọkùnrin Tí Ó Ti Òkè-Òkun Dé, Tí Ó Sì Ń Wá Aya ní Alímọ̀ṣọ́

Ìfáàrà

Nínú àṣà Yorùbá, ọkùnrin kì í fi ẹnu ara rẹ̀ sọ irú ènìyàn tí òun jẹ́ fún obìnrin tí kò mọ̀ ọ́n rí. Ẹlòmíràn ni ó máa ń bá a sọ ọ́. Alárinà a lọ, a bọ̀. Àwọn àgbà ìdílé a wádìí. Bí ọ̀rọ̀ bá sì pé tán, àwọn ẹbí ọkọ a dọ̀bálẹ̀ níwájú àwọn ẹbí ìyàwó. Lónìí, ọkùnrin kan lè jókòó sí yàrá rẹ̀ ní Ìgàndò, kí ó kọ ìlà mẹ́wàá nípa ara rẹ̀ sórí fóònù, kí obìnrin kan ní Ẹgbẹ́dá sì kà á kí ó tó mọ orúkọ bàbá rẹ̀. Àkọsílẹ̀ kékeré yìí ni àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní báyò. Ó ti di ẹ̀yà lítíréṣọ̀ kan tí àwọn ènìyàn ń kọ lójoojúmọ́, tí wọ́n sì ń fi ìgbésí ayé wọn lé e lórí, ṣùgbọ́n a kì í sábà fi ojú lámèyítọ́ wò ó.

Oríṣìí kan ṣoṣo ni iṣẹ́ yìí yẹ̀ wò, èyíinì ni àkọsílẹ̀ ọkùnrin tí ó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún ní ìlú òyìnbó, tí ó padà sí Alímọ̀ṣọ́, tí ó sì ń wá aya tí yóò bá a kalẹ́. Ohun tí àtúpalẹ̀ náà fẹ́ fi hàn ni pé iṣẹ́ alárinà àti iṣẹ́ ìwádìí ni irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ gbà ṣe, yálà ẹni tí ó kọ ọ́ mọ̀ tàbí kò mọ̀. Nítorí náà, kì í ṣe adùn ọ̀rọ̀ ni ó yẹ kí a fi díwọ̀n rẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí a béèrè ni pé: gbólóhùn mélòó nínú rẹ̀ ni ó ní ẹlẹ́rìí?

Ohun tí alárinà ń ṣe

Ìlànà ìgbéyàwó ìbílẹ̀ kò ṣòro láti tò lẹ́sẹẹsẹ: ìfojúsóde, alárinà, ìwádìí, ìjọ́hẹn, ìtọrọ, ìdána, lẹ́yìn náà ni ìgbéyàwó gan-an. Méjì tí ó kan ọ̀rọ̀ yìí jù ni alárinà àti ìwádìí. Alárinà kì í ṣe ońṣẹ́ lásán. Ó mọ ìdílé méjèèjì, àwọn méjèèjì sì mọ̀ ọ́n. Bí ó bá pa irọ́, wọ́n mọ ilé tí wọn yóò ti lọ bá a. Ìyẹn ni ó fún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìwúwo. Ní ti ìwádìí, àwọn ẹbí a béèrè bóyá àrùn kan wà nínú ìdílé náà tí ó ń jẹ́ ìran, bóyá gbèsè wà lọ́rùn ọkùnrin náà, bóyá ọ̀lẹ ni, bóyá ó ti ní aya níbòmíràn. Àwọn aládùúgbò ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ wọn, kì í ṣe ọkùnrin náà fúnra rẹ̀.

Ètò yìí nílò ìlú tí ènìyàn ti mọ ara wọn. Alímọ̀ṣọ́ kì í ṣe irú ìlú bẹ́ẹ̀ mọ́. Àwọn Àwórì ni wọ́n tẹ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìletò àtijọ́ ibẹ̀ dó, ṣùgbọ́n àwọn tí ó ra ilẹ̀ ní Ìkọ̀tún, Ìdímù, Ẹgbẹ́dá àti Ìgàndò láti nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn ti ilẹ̀ Ọ̀yọ́, Èkìtì, Ìjẹ̀bú, Igbó, Ẹ̀gùn àti ibi gbogbo wá. Nínú ètò ìkànìyàn 2006, Alímọ̀ṣọ́ ni ìjọba ìbílẹ̀ tí èrò rẹ̀ pọ̀ jù ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ó sì lé ní mílíọ̀nù kan. Ẹni tí ó ń gbé ilé kejì lè má mọ agboolé tí aládùúgbò rẹ̀ ti wá. Bí ọkùnrin náà bá sì tún ti lo ọdún mẹ́tàdínlógún lókè òkun, àwọn tí ó mọ̀ ọ́n dáadáa wà ní ìlú tí ìdílé obìnrin kò lè dé. Ọdún wọ̀nyẹn wá di ihò dúdú nínú ìtàn rẹ̀. Àkọsílẹ̀ ara-ẹni ni ó gbìyànjú láti tan iná sínú ihò náà.

Àpẹẹrẹ fún àtúpalẹ̀

Àpẹẹrẹ tí ó tẹ̀ lé e yìí jẹ́ àgbékalẹ̀ fún àtúpalẹ̀; kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnì kan pàtó. A kó gbólóhùn tí ó wọ́pọ̀ nínú irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ jọ sínú rẹ̀:

“Ọmọlúàbí ọkùnrin ni mí, olùbẹ̀rù Ọlọ́run, aláàánú, ẹni tí ó mọ iyì obìnrin. Mo lo ọ̀pọ̀ ọdún ní òkè-òkun, mo sì ti dé. Mo ní ilé tèmi ní Alímọ̀ṣọ́, mo sì ń ṣòwò. Mo ní ọmọ. Kò sí ìyàwó. Mo ń wá obìnrin rere, arẹwà, oníwà tútù, tí kì í ṣe olójú kòkòrò. Ohun tó dájú ni mo fẹ́. Kí àwọn eléré má ṣe yọ ara wọn lẹ́nu.”

Kò sí irọ́ kankan tí a lè tọ́ka sí nínú rẹ̀. Síbẹ̀, obìnrin tí ó bá kà á tán kò tíì mọ ohunkóhun. Ó yẹ kí a mọ ìdí rẹ̀.

Ìyìn ara-ẹni kì í ṣe oríkì

Gbólóhùn àkọ́kọ́ kún fún ìyìn. Ẹnìkan lè gbèjà rẹ̀ pé oríkì ṣáà ni Yorùbá fi ń ki ènìyàn, àti pé ohun tí ọkùnrin yìí ṣe kò yàtọ̀ sí i. Ìyàtọ̀ wà, ó sì jinlẹ̀. Nínú ìwé tí Karin Barber tẹ̀ jáde ní 1991 lórí oríkì àwọn ará Òkukù, ohun kan tí ó hàn gbangba ni pé oríkì kì í ṣe ìyìn nìkan. Ó máa ń gba àbùkù, ìjà, gbèsè àti ìṣẹ̀lẹ̀ tí kò buyì kún ni mọ́ra, nítorí pé ohun tí ó mú ẹni náà yàtọ̀ sí ẹlòmíràn ni oríkì ń wá. Èkejì ni pé ẹlòmíràn ni ó ń kì í. Ìyá, ìyàwó ilé, tàbí akéwì ni ó dúró gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Ẹni tí a ń kì kàn ń gbọ́ ni.

Bí a bá fi ojú yìí wo “ọmọlúàbí ọkùnrin ni mí”, a ó rí i pé kò ní èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ọmọlúàbí kì í ṣe àpèjúwe bíi gíga tàbí kúkúrú. Ìdájọ́ ni, àwọn tí ó ti bá ènìyàn gbé ni wọ́n sì ní ẹ̀tọ́ láti dá a. Nígbà tí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn bá dá ìdájọ́ náà fúnra rẹ̀, ó gba ipò adájọ́ mọ́ ti ẹlẹ́rìí. Olùbẹ̀rù Ọlọ́run, aláàánú, ẹni tí ó mọ iyì obìnrin, gbogbo wọn ń ṣe ohun kan náà. Ọ̀nà tí a lè gbà dán wọn wò rọrùn: ǹjẹ́ oníjìbìtì lè kọ gbólóhùn yìí gan-an láì yí ọ̀rọ̀ kan padà? Bí ó bá lè kọ ọ́, gbólóhùn náà kò ya ẹni rere sọ́tọ̀.

“Mo ti dé”: ohun tí ó dákẹ́ nínú ìṣe

Gbólóhùn kejì ni ọkàn àkọsílẹ̀ náà, nítorí pé òun ni ó sọ ọkùnrin yìí di ẹni tí ó ti òkè-òkun bọ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe “dé” ń sọ ìṣẹ̀lẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo: ẹsẹ̀ kan ilẹ̀. “Ti” tí ó ṣáájú rẹ̀ ń sọ pé ìṣẹ̀lẹ̀ náà ti parí, a sì ń rí àbájáde rẹ̀ nísinsìnyí. Kò sọ ìgbà tí ó ṣẹlẹ̀, kò sì sọ bí àbájáde náà yóò ti pẹ́ tó. Ẹni tí ó dé ní òwúrọ̀ àná, tí yóò sì padà lọ́tunla, lè sọ pé “mo ti dé” láì purọ́. Ẹni tí ó wá ṣe ọdún Kérésìmesì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lè sọ ọ́ pẹ̀lú. Bí ó bá jẹ́ pé “mo padà wálé pátápátá ní 2023” ni ó kọ, ọ̀rọ̀ méjì ti ṣe iṣẹ́: “pátápátá” ti ilẹ̀kùn àbọ̀ mọ́, ọdún tí ó dá sì jẹ́ ohun tí aládùúgbò lè jẹ́rìí sí.

Ohun tí ó dákẹ́ jù ni ìdí àbọ̀ náà. Òwe wa sọ pé àjò kò dùn kí onílé má relé, ṣùgbọ́n òwe náà kò dá ìbéèrè dúró ní àdúgbò. Ní àkókò tí jápa gba ẹnu ọ̀dọ́ kan, ẹni tí ó bọ̀ nígbà tí àwọn yòókù ń lọ gbọ́dọ̀ retí pé a ó béèrè ohun tí ó lé e wálé. Bí kò bá sọ ọ́, olùkà yóò fúnra rẹ̀ pèsè ìdáhùn, èyí tí yóò sì pèsè ni pé wọ́n dá a padà, tàbí pé ó sá fún nǹkan. Gbólóhùn kan tó. Ó lè jẹ́ pé ìyá rẹ̀ darúgbó, pé iṣẹ́ tán, tàbí pé ìwé ìgbélùú rẹ̀ tán tí kò sì rí tuntun gbà. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí le láti kọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Irọ́ tí a bá fi bò ó ni yóò di ẹ̀ṣẹ̀ nígbà tí ó bá tú.

Yorùbá tilẹ̀ ti mọ̀ pé ohun tí ó ti òkun bọ̀ nílò àyẹ̀wò. Tòkunbọ̀ ni orúkọ ọmọ tí a bí sí òkè-òkun tí a sì gbé wálé. Orúkọ kan náà ni a fún ọkọ̀ tí àwọn òyìnbó ti lò kí a tó kó o dé Èkó. Kò sí ẹni tí ó ń ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ nítorí pé ó ń dán. Yóò mú mẹkáníìkì lọ, yóò ṣí iwájú rẹ̀, yóò sì béèrè ìwé rẹ̀. Obìnrin tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí àkọsílẹ̀ tòkunbọ̀ kò hùwà àìnígbàgbọ́.

“Mo ní ọmọ. Kò sí ìyàwó”

Gbólóhùn méjì kúkúrú wọ̀nyí ni ewu gidi wà. Nínú èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀-orúkọ kì í yí padà láti fi ẹyọ tàbí ọ̀pọ̀ hàn. “Mo ní ọmọ” lè jẹ́ ọmọ kan, ó sì lè jẹ́ márùn-ún láti ọwọ́ obìnrin mẹ́ta. Gírámà kò fi ipá mú un láti sọ iye, nítorí náà ìwà ni yóò mú un sọ ọ́. “Kò sí ìyàwó” tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. “Kò sí” kò sọ ibi, kò sì sọ ìtàn. Ó lè jẹ́ ẹni tí kò gbéyàwó rí, ẹni tí aya rẹ̀ kú, ẹni tí ilé-ẹjọ́ tú ìgbéyàwó rẹ̀ ká, ẹni tí òun àti aya rẹ̀ kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́, tàbí ẹni tí aya rẹ̀ wà ní Mánṣẹ́sítà tí ó ń retí rẹ̀. Kò sí ìyàwó ní Ìgàndò. Ìyẹn jẹ́ òótọ́ nínú gbogbo rẹ̀.

Ìyàtọ̀ àárín àwọn ìtàn wọ̀nyí ní ìwúwo lábẹ́ òfin. Láti 1884 ni òfin ìgbéyàwó ti ọkọ kan aya kan ti wọ Èkó. Àwọn tí ó kọ́kọ́ gbà á ni àwọn ọ̀làjú onígbàgbọ́, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ àwọn Sàró tí ó ti Siẹrá Líónì bọ̀. Iṣẹ́ tí Kristin Mann tẹ̀ jáde ní 1985 lórí wọn fi hàn pé lára àwọn ọkùnrin tí ó gbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì ló tún ní obìnrin mìíràn lóde, àwọn aya ilé ni ó sì jẹ ìyà àìdájú tí ó ti inú rẹ̀ jáde. Ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ti òkun bọ̀ tí ó ní ilé méjì kì í ṣe tuntun ní Èkó.

Òfin náà ṣì wà. Ìgbéyàwó òfin tí ilé-ẹjọ́ kò tíì tú ká kò jẹ́ kí òmíràn fìdí múlẹ̀ lórí rẹ̀, ì báà jẹ́ pé wọn kò gbé papọ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Ìdí nìyí tí “a ti kọ ara wa sílẹ̀” kò fi tó. Ohun tí ó tó ni ọdún tí ilé-ẹjọ́ parí ọ̀rọ̀ náà, àti ìwé rẹ̀. Òfin tún pèsè àkọsílẹ̀ ara-ẹni tirẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ gbéyàwó níwájú akọ̀wé ìgbéyàwó gbọ́dọ̀ fi ìkéde sílẹ̀. Wọn yóò lẹ̀ ẹ́ síta fún ọjọ́ 21 kí ẹni tí ó bá ní àtakò lè sọ ọ́. Ẹnìkan yóò sì búra pé kò sí ìdènà kí a tó fún wọn ní ìwé àṣẹ. Ìkéde yìí kò ní adùn kankan: orúkọ, ọjọ́ orí, iṣẹ́, ibùgbé, bóyá àpọ́n ni tàbí opó. Ṣùgbọ́n gbogbo ìlà rẹ̀ ni ará ìta lè takò. Nínú èyí, akọ̀wé ìgbéyàwó sún mọ́ alárinà ju ọkùnrin tí ó kọ “ọmọlúàbí ni mí” lọ.

Ẹni tí ó ń tọrọ kì í bú onílé

Ìparí àkọsílẹ̀ náà yí ohùn padà. “Tí kì í ṣe olójú kòkòrò” àti “kí àwọn eléré má ṣe yọ ara wọn lẹ́nu” jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹni tí a ti pa lára rí. Bóyá ó fi owó ránṣẹ́ sí ẹnìkan fún ọdún díẹ̀ láti òkè-òkun, tí a sì já a kulẹ̀. Ìbínú náà lè tọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ṣẹ̀ ẹ́ ni ó ń gbọ́ ọ. Obìnrin tí ó ń kà á ti di afurasí kí ó tó kí i.

Àṣà wa ní àwòkọ́ṣe tí ó dára ju èyí lọ. Níbi ìdána, àwọn ẹbí ọkọ máa ń mú ìwé ìtọrọ wá, ẹnìkan láti ìdílé ìyàwó, tí ó sábà máa ń jẹ́ àbúrò rẹ̀, a sì kà á sókè. Ohùn ìwé náà jẹ́ ti ẹni tí ó wà ní ìsàlẹ̀: ó kí, ó dárúkọ ẹni tí ó rán an, ó sọ ohun tí ó ń wá, ó sì dúpẹ́. “Ẹ” ni ó ń lò. Àkọsílẹ̀ tí a yẹ̀ wò kò tilẹ̀ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Kò sí “ẹ”, kò sí “o”. Obìnrin wà nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun tí a ń wá, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ń gbọ́.

Sẹ̀gilọlá àti àríyànjiyàn kan

Àtakò kan wà tí ó yẹ kí a dáhùn. Bí ìyìn kò bá níye lórí, tí a sì ní kí a fi ọdún, ibi àti iṣẹ́ rọ́pò rẹ̀, ǹjẹ́ òpùrọ́ kò lè hun ọdún àti ibi pẹ̀lú?

Ó lè hun ún, ìtàn lítíréṣọ̀ Yorùbá sì ti fi hàn bí ó ti ń ṣiṣẹ́. Láàrín 1929 sí 1930, ìwé ìròyìn Akéde Èkó gbé ọ̀wọ́ lẹ́tà kan jáde, nínú èyí tí obìnrin àgbà kan tí ń jẹ́ Sẹ̀gilọlá ti ń jẹ́wọ́ ìgbésí ayé rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọkùnrin. Isaac B. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn náà, ni ó kọ ọ́, lónìí a sì kà á sí ìtàn àròsọ gígùn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó ń jáde, àwọn olùkà kan gbà pé ènìyàn gidi ni Sẹ̀gilọlá. Lára ohun tí ó mú wọn gbà bẹ́ẹ̀ ni pé Èkó tí wọ́n mọ̀ ni ó ń sọ, pẹ̀lú àdúgbò rẹ̀, orin rẹ̀ àti ìṣẹ̀lẹ̀ rẹ̀. Kúlẹ̀kúlẹ̀ ni ó sọ àròsọ di òótọ́ lójú wọn.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé oríṣìí kúlẹ̀kúlẹ̀ méjì ni ó wà. Ọ̀kan ń mú kí ìtàn hàn gbangba lójú inú: òtútù ìlú òyìnbó, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, bí ilé ṣe ń wu ni. Èkejì ń tọ́ka sí ẹni tàbí ìwé tí a lè lọ bá. Kò sí ẹni tí olùkà Akéde Èkó lè lọ bá nípa Sẹ̀gilọlá, nítorí pé kò sí Sẹ̀gilọlá. Àkọsílẹ̀ tí ó kún fún oríṣìí àkọ́kọ́ lè dùn ju ti ẹlòmíràn lọ kí ó má sì ní ẹlẹ́rìí kan. Oríṣìí kejì ni iṣẹ́ alárinà.

Àtúnkọ

Bí a bá tún àpẹẹrẹ náà kọ pẹ̀lú òye yìí, tí a sì fi ìtàn tí a hun kún àwọn àyè rẹ̀, ó lè rí báyìí:

“Ẹ kú àkókò yìí. Ẹni ọdún 47 ni mí, Ìgàndò ni mò ń gbé. Mo lọ sí Mánṣẹ́sítà ní 2006, mo sì wa bọ́ọ̀sì níbẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án. Mo padà wálé pátápátá ní 2023 nítorí pé màmá mi kò lè dá gbé mọ́. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n wà. Mo ń ta ẹ̀rọ sólà ní Ẹgbẹ́dá, mo sì ń bá àwọn oníbàárà gbé e sórí òrùlé. Òwò náà kò tíì gbilẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń bọ́ wa. Mo gbéyàwó lọ́hùn-ún ní 2009. Ilé-ẹjọ́ tú ìgbéyàwó náà ká ní 2020, ìwé rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ mi. Ọmọbìnrin kan ni a bí. Ó wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, mo ń bá a sọ̀rọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mo sì ń fi owó ránṣẹ́. Mo ń wá obìnrin tí a ó jọ máa gbé níhìn-ín. N kò ní ètò láti padà sí òkè-òkun. Bí ẹ bá ti bímọ, kò burú. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ìkọ̀tún ti ṣetán láti bá àwọn ènìyàn yín sọ̀rọ̀. Ẹ ṣeun tí ẹ kà á.”

Kò sí ìyìn kan níbẹ̀, ṣùgbọ́n olùkà lè ti inú rẹ̀ dá ìdájọ́. Ẹni tí ó ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kò nílò láti sọ pé òun jẹ́ aláàánú. “Òwò náà kò tíì gbilẹ̀” ṣe ohun tí oríkì máa ń ṣe: ó gba àléébù mọ́ra, ìyẹn sì mú kí “ó ń bọ́ wa” ṣeé gbà gbọ́. “Mo ní ilé tèmi” ti kúrò, nítorí pé ibi tí ó ń gbé àti ẹni tí ó ń bá a gbé ṣe pàtàkì ju ẹni tí ó ni ilé lọ. Lọ́dọ̀ ẹni tí ó fi owó ránṣẹ́ fún ẹbí láti bá a kọ́lé, ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ni ín lè má tíì yanjú.

Gbólóhùn méjì ni ó lè lé àwọn kan sá. Àkọ́kọ́ ni ti ìyá rẹ̀. Obìnrin tí ó bá kà á yóò mọ̀ pé ìtọ́jú àgbà wà nínú ilé tí òun ń lọ, yóò sì lè béèrè ẹni tí ń ṣe é. Bí ọkùnrin náà bá fi pamọ́, yóò dà bí ẹni pé nọ́ọ̀sì ni ó ń wá tí ó pè ní aya. Èkejì ni “n kò ní ètò láti padà sí òkè-òkun”. Àkọsílẹ̀ ẹni tí ó ti òkun bọ̀ máa ń ru ìrètí ìwé ìrìnnà sókè láì dárúkọ rẹ̀. Gbólóhùn yìí pa ìrètí náà. Yóò dín iye àwọn tí yóò dáhùn kù, ṣùgbọ́n àwọn tí ó bá dáhùn yóò mọ ohun tí wọ́n ń dáhùn sí. Èyí ṣe iṣẹ́ tí “olójú kòkòrò” fẹ́ ṣe, kò sì bú ẹnikẹ́ni.

Ìlà tí ó ṣe kókó jù ni ti ẹ̀gbọ́n ní Ìkọ̀tún. Níbẹ̀ ni alárinà ti padà wọlé. Ohun kan ṣì wà tí ó yẹ kí ó wà níta: nọ́ńbà ilé, orúkọ ọmọ àti ti ìyá ọmọ, àwòrán ìwé ilé-ẹjọ́. Ọmọ náà kò fọwọ́ sí i pé kí a ka ìtàn òun, oníjìbìtì sì lè fi àwọn nǹkan wọ̀nyí ṣe iṣẹ́. Pé ìwé wà ni a ń kọ sílẹ̀. Ojúkorojú ni a ń fi ìwé náà han.

Àgbálọgbábọ̀

Àkọsílẹ̀ kò lè rọ́pò ìwádìí. Gbogbo ohun tí ó wà nínú àtúnkọ òkè yìí ṣì lè jẹ́ irọ́. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé irọ́ náà yóò tètè tú: ìpè kan sí ẹ̀gbọ́n, ìrìn kan sí ṣọ́ọ̀bù ní Ẹgbẹ́dá, wíwo ìwé kan. Àmì tí olùkà lè ṣọ́ ni ìhùwàsí ọkùnrin náà nígbà tí a bá béèrè ẹlẹ́rìí. Ẹni tí ó bá ní ìwé yóò wá ọjọ́ tí yóò fi í hàn. Ẹni tí kò bá ní i yóò bínú pé a kò gba òun gbọ́, tàbí kí ó yára kó ọ̀rọ̀ owó wọlé kí ó tó di pé ìdílé pàdé.

Wọ́n ní bí ọkọ àti aya bá ti mọ ara wọn tán, alárinà a yẹ̀ba. Ó yẹ kí àkọsílẹ̀ ara-ẹni ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Bí obìnrin Ẹgbẹ́dá àti ẹ̀gbọ́n tí ó wà ní Ìkọ̀tún bá ti jókòó, tí wọ́n sì ti ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ara wọn, iṣẹ́ ìlà mẹ́wàá náà ti parí.